Ẹ Ka Ímeèlì Yín Lẹ́ẹ̀kejì Kí Ẹ Tó Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa. A gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kọ ọ́ síbí, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀.

Ìyá yìí ń ta aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, kò sí ẹni tó lè bá a wí lórí ẹtù tàbí àlàárì. Ìyá ìyàwó kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ímeèlì sí i, ó ní àwọn ń ṣe ìgbéyàwó, ó sì bèèrè bóyá wọ́n lè bá òun hun ogójì gèlè. Inú ìyá wa dùn. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹfà ló tẹ èsì yìí lórí fóònù rẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀:

```
E ku ise ma,
A ti ri leta yin. A o hun ogoji gele fun yin. Awo re ko ni yato si eyi ti e fi han wa. Iye owo re je 15.000 fun okan. E ma san gbogbo owo leekan soso. E san idaji owo ki a to bere ise iyoku leyin ti eru ba de. Eru yin yoo pe ni ojo kokanlelogun oni.
Pelu owo.
```

Ẹ wò ó, kò sí ohun tí ìyá yìí gbàgbé. Ó dáhùn ìbéèrè, ó sọ iye, ó sọ bí wọ́n ṣe máa san án, ó sọ ọjọ́ tí ẹrù máa pé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò lè kọ èyí tó pé tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ èsì tó padà wá láti Lọ́ńdọ̀nù nìyí: "Ẹ ṣeun mà. Lẹ́tà yín kò yé wa. Níbì kan ó dà bíi pé ẹ ò ní hun ún, níbòmíràn ẹ tún ń dá owó lé e. A ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn."

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tú u wò pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo "A o hun". Ìyá wa ní lọ́kàn láti sọ pé "A ó hun", ìyẹn ni pé iṣẹ́ yóò di ṣíṣe. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kà á sí "A ò hun", ìyẹn ni pé a kì í ṣe é. Lẹ́tà kan náà ni, àmì orí rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu, ohùn wa á ti sọ èyí tó jẹ́. Tí a bá kọ ọ́ láìsí àmì, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ ti di ìbejì tí aṣọ wọn jọra.

Bákan náà ni "E ma san gbogbo owo leekan soso". Ṣé "ẹ má san" ni, àbí "ẹ máa san"? Ohun tí ìyá wa fẹ́ sọ ni pé kí wọ́n má ṣe san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó kà á lè rò pé ńṣe ni wọ́n ní kí òun kó gbogbo owó kalẹ̀. Oníbàárà tó ti gbọ́ ìròyìn àwọn oníjìbìtì á fà sẹ́yìn lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìparí lẹ́tà: "Pelu owo". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni ìyá wa ń kí wọn. Àmọ́ ohun tó wà lójú ìwé ni pẹ̀lú owó. Ó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní rẹ́rìn-ín púpọ̀. "Awo" náà ń bẹ níbẹ̀: àwọ̀ aṣọ ni àbí awọ ẹran, àbí àwo oúnjẹ? Èyí kò burú tó "a o", nítorí ọ̀rọ̀ tó yí i ká á ràn wá lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "o" àti "ma", tó lè yí bẹ́ẹ̀ ni padà sí bẹ́ẹ̀ kọ́, ni kí a kọ́kọ́ máa ṣọ́.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti rí ọ̀rọ̀ yìí o. Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn nítòsí Ìṣẹ́yìn wa níbí, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ní ọdún 1875, àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa. Ọmọ Òkè-Ògùn wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ kíkọ èdè yìí lélẹ̀. Kò yẹ kí àìsí àmì wá máa gba oníbàárà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ àmì ìdánudúró. Ẹ tún gbólóhùn yìí kà: "E san idaji owo ki a to bere ise iyoku leyin ti eru ba de." Bí ẹ bá kà á tán láìsinmi, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé "kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìyókù". Ó wá dà bíi pé wọ́n ti ṣe lára iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì ń dá ìyókù dúró. Àmì kékeré kan ló sọnù lẹ́yìn "iṣẹ́". Ẹ fi í síbẹ̀, kí ẹ wò ó: "Ẹ san ìdajì owó kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyókù, ó di ìgbà tí ẹrù bá dé." Gbogbo ìjà ti parí.

Àmì náà tún wà nínú iye owó. Ìyá wa kọ 15.000. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ tó ń wá sí ọjà Ṣakí ra ọjà á ti rí i pé báyìí ni àwọn tó kàwé ní èdè Faransé ń kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́dọ̀ tiwọn, kọ́mà ló ń ya ẹ̀sún owó sọ́tọ̀. Ní Nàìjíríà àti ní Lọ́ńdọ̀nù, òdì kejì ni: kọ́mà là ń fi ya ẹgbẹ̀rún, tí a fi ń kọ 15,000. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù á ka 15.000 sí náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, á sì máa wò ó pé irú oníṣòwò wo rèé. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ kọ iye náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ nọ́ńbà, kí ẹ sì kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, bí a ti ń ṣe lórí ìwé sọ̀wédowó.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tó tọ́ lẹ́nu wa ṣùgbọ́n tí ẹlòmíràn ń lò lọ́nà mìíràn. "Ọjọ́ kọkànlélógún òní" ni ìyá wa dá. Nínú ìṣirò tiwa, òní wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjẹta fi ní ẹ̀ta nínú, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ tó ṣáájú àná ni. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ka ọjọ́ ọjà wa. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì oṣù kẹfà, ọjọ́ kọkànlélógún òní á bọ́ sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù. Ẹni tó ń ka tirẹ̀ bíi Òyìnbó kò ní ka òní mọ́ ọn, á sì dé ọjọ́ kẹtàlélógún. Ọjọ́ kan péré ni, àmọ́ tí ọkọ̀ òfúrufú bá máa gbéra lọ́jọ́ kejìlélógún ńkọ́? Ẹ kọ ọjọ́ oṣù gan-an, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á lórí ìka.

Báwo wá ni a ó ṣe máa rí àṣìṣe wọ̀nyí? Ẹ má gbára lé fóònù. Kò lè sọ fún yín pé "owo" kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kọ, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni gbogbo wọn. Nígbà mìíràn fóònù fúnra rẹ̀ á tún sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá di ti Òyìnbó lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ojú tiwa náà kò ṣeé gbára lé pátápátá. Ohun tó wà lọ́kàn wa ló máa ń kà, kì í ṣe ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ohun tí a ní kí ẹ ṣe ni pé, tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, ẹ dá oníbàárà kan tàbí méjì lóhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ọmọ tàbí aládùúgbò tí kò mọ ohun tí ẹ kọ, kó kà á sókè. Ẹ má ṣe ràn án lọ́wọ́ o. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, tàbí tó ka ohun tí ẹ kò ní lọ́kàn, ibẹ̀ ni àmì ti sọnù. Tí kò bá sí ẹnì kankan nítòsí, ẹ kà á sókè fúnra yín láti gbólóhùn tó kẹ́yìn padà sí ti àkọ́kọ́, kí ìtàn má baà gbé ojú yín sáré. Ní ìparí, ẹ fi ìka tẹ̀lé gbogbo "o", "ma" àti "ko", gbogbo iye owó, gbogbo ọjọ́, àti orúkọ ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí.

Ẹlòmíràn á ní fóònù òun kò ní àmì. Bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú Gboard, ẹ ní kí ọmọ bá yín ṣí i. Kó tó di ìgbà náà, ẹ yí ọ̀rọ̀ padà. Dípò "A o hun", ẹ kọ "A gba lati hun". Dípò "E ma san", ẹ kọ "E mase san". Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ka ìwọ̀nyí sí òdì.

Báyìí ni lẹ́tà ìyá wa ì bá ti rí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. A ti rí lẹ́tà yín. A gbà láti hun ogójì gèlè fún yín, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi hàn wá. Gèlè kan jẹ́ ₦15,000 (ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà). Ogójì rẹ̀ jẹ́ ₦600,000 (ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà). Ẹ má ṣe san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san ìdajì, ₦300,000, kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyókù, ó di ìgbà tí ẹrù bá dé. Ẹrù yín yóò pé ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀."

Ìyá wa ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kékeré tó wà nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ka ímeèlì rẹ̀ sókè fún un báyìí kó tó fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ímeèlì kan tó ti fi ránṣẹ́ wá, kí a jọ kà á.