Ìgbà Tí Ẹsẹ̀ Kan Bọ́ọ̀lù Ni Kí Ẹ Máa Wò

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di àsíá láìnsìmáànù mú ní Ilé-Ifẹ̀, yálà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni o tàbí ní pápá àdúgbò, ọ̀rọ̀ ọ́fúsáìdì ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ibi tí atamátàsé ti gba bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ yín máa ń wò. Ibi tó wà nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sí i ni òfin ń béèrè.

Lásìkò yẹn gan-an, bí orí, ara tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà ní ìdajì pápá àwọn alátakò, tó sì sún mọ́ ìlà ojúlé wọn ju bọ́ọ̀lù àti ẹni kejì láti ẹ̀yìn wọn lọ, ó wà ní ipò ọ́fúsáìdì. A kì í ka ọwọ́ mọ́ ọn. Bí òun àti ẹni kejì láti ẹ̀yìn náà bá dọ́gba, kò sí nínú rẹ̀. Aṣọ́lé sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó kẹ́yìn. Bó bá jáde síwájú, ẹ ka àwọn ẹlòmíì.

Ẹ rántí ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1996, ní ìlú Athens ní ìpínlẹ̀ Georgia, nígbà tí Nàìjíríà àti Ajẹntínà ń du wúrà Òlíńpíìkì. Ayò jẹ́ 2 sí 2, eré fẹ́ parí, a sì rí fíríkíìkì gbà. Àwọn adìlémú Ajẹntínà sáré jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí àwọn ọmọ wa lè bọ́ sí ọ́fúsáìdì. Bọ́ọ̀lù bá Emmanuel Amuneke níwájú aṣọ́lé, ó gbá a wọlé, rẹfirí Pierluigi Collina sì kà á. Ẹni tó wo ìgbà tí bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Amuneke nìkan yóò rí i pé ó dá dúró. Ìyẹn kò tó láti dá a lẹ́bi, torí àwọn adìlémú ń sáré kúrò níbẹ̀ bí bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀ lófuurufú. Nítorí náà, ẹ máa bá ẹni kejì láti ẹ̀yìn rìn ní ìdọ́gba, kí ẹ kọjú sí pápá.

Kò sí ọ́fúsáìdì bí bọ́ọ̀lù bá ti ọwọ́ ẹni tó ń jù ú wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá wá, tàbí láti kọ́nà, tàbí láti góòlù kíìkì. Kò sí fún ẹni tó wà ní ìdajì pápá tirẹ̀, tàbí tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Bí adìlémú bá mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù, tó sì ṣìṣe tó fi bọ́ sí atamátàsé lẹ́sẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kàn ta lára rẹ̀, tàbí tí aṣọ́lé gbá a dànù kó má wọlé, ipò àkọ́kọ́ ṣì dúró.

Dídúró níbẹ̀ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ dúró wò bóyá yóò kópa nínú eré, tàbí yóò dí aṣọ́lé lójú, kí ẹ tó gbé àsíá. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ má gbé e rárá.