Láti Orí Ìtàgé Bọ́ Sínú Ìtàn: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Òǹkọ̀wé Alímọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ eré fún ilé ìjọsìn àti fún ayẹyẹ ìparí ọdún ilé ẹ̀kọ́ ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ìgàndó, ẹ ti bi mí léèrè bí a ṣe ń sọ ìran eré di ìtàn tí ènìyàn lè jókòó kà. Ohun tí mo sábà máa ń rí nínú iṣẹ́ tí ẹ ń gbé wá ni pé ẹ pa orúkọ òṣèré rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ fi àmì àyọlò sí i, ẹ kọ "ni ó wí" sí ìdí rẹ̀, ẹ sì gbà pé ó ti parí. Iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìran kékeré kan nìyí tí mo kọ kí n lè fi ṣe àlàyé:

(Yàrá kan ní Ìgàndó, lálẹ́. Kò sí iná. ÌYÁ jókòó ti àtùpà, ó ń ka owó. ÀLÀBÍ wọlé.)
ÀLÀBÍ: Ẹ kú alẹ́, mà.
ÌYÁ: Káàbọ̀. Ṣé o sọ fún ọ̀gá rẹ pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé?
ÀLÀBÍ: (Ó ń wo ilẹ̀.) Mo sọ fún un, mà.
ÌYÁ: Kí ni ó wí?
ÀLÀBÍ: Ó ní kí ẹ má wulẹ̀ wá.
ÌYÁ: (Ó dáwọ́ owó kíkà dúró.) Kí n má wá síbi fìrídọ̀ọ̀mù ọmọ mi?
ÀLÀBÍ: Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù telà yẹn mọ́ láti ìgbà òjò, mà.
(Iná dé lójijì. Ariwo ayọ̀ láti ìta. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn.)

1. Ẹ kọ́kọ́ yan ojú tí ẹ ó fi ríran.

Lórí ìtàgé, gbogbo èrò ìwòran ló ń wo ìyá, tí wọ́n sì ń wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó wà nínú ọkàn ẹnikẹ́ni. Inú ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Òǹkàwé máa ń fẹ́ dúró lẹ́yìn ẹnì kan, kí ó máa bá a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Bí ẹ bá mú un dúró lẹ́yìn Àlàbí, wàhálà dé. Irọ́ ni Àlàbí ń pa nígbà tí ó ní òun ti sọ fún ọ̀gá òun, irọ́ sì ni iṣẹ́ tí ó ní ọ̀gá rán òun pẹ̀lú. Òǹkàwé tó wà nínú ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni. Bí ẹ bá sọ fún un, àṣírí ti tú kí ìran tó dé ìdajì. Bí ẹ bá fi pamọ́ fún un, yóò rí i nígbà tó bá yá pé ẹ rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé bá wà lẹ́yìn ìyá, bí ìyá ṣe gbọ́ irọ́ náà ni òun náà yóò ṣe gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ìgbẹ̀yìn yóò sì bá àwọn méjèèjì lójijì. Ìdí nìyí tí mo fi yan ojú ìyá fún ìran yìí.

Èdè wa ní ohun tó ń tú òǹkọ̀wé tí kò tíì yan ojú kan fó. Ẹni tó bá ń fi ojú Àlàbí wò ó yóò pe ìyá rẹ̀ ní "wọ́n": wọn ò gbójú sókè, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó bá ń fi ojú ìyá fúnra rẹ̀ wò ó yóò kọ "ó". Ẹ fa ilà sábẹ́ gbogbo "ó" àti "wọ́n" tó dúró fún ìyá nínú iṣẹ́ yín. Bí méjèèjì bá dàrú mọ́ra wọn lójú ìwé kan náà, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kí ẹ yan ojú.

2. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló yẹ kí ó wà láàárín àmì àyọlò.

Òṣèré kò lè wọlé kí ó má kíni, nítorí náà ìkíni máa ń pọ̀ nínú eré. Nínú ìtàn, "ọmọ rẹ̀ wọlé, ó kí i" ti tó. Ọ̀rọ̀ agbàsọ ni ẹ fi máa gba ibi tí nǹkan kan ò ti yí padà kọjá. Ọ̀rọ̀ tààrà ni kí ẹ fi pamọ́ de ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń gún ni.

Ìṣòro yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1807, ní Lọ́ńdọ̀nù, Mary Lamb àti àbúrò rẹ̀ Charles tẹ ìwé kan jáde fún àwọn ọmọdé. Ogún eré Shakespeare ni wọ́n sọ di ìtàn níbẹ̀. Charles mú àwọn eré tó parí sí ìbànújẹ́, Mary mú ìyókù, òun ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, wọ́n jẹ́wọ́ pé nínú ìtàn tó wá láti inú àwọn eré apanilẹ́rìn-ín, agbára káká ni àwọn fi ń rí ọ̀rọ̀ òṣèré sọ di ọ̀rọ̀ asọ̀tàn, àti pé ó ṣeé ṣe kí ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì ti pọ̀ jù fún ọmọ tí eré kíkà kò bá mọ́ lára. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Ohun tó ń pa ni lẹ́rìn-ín sábà máa ń wà nínú bí ẹnu ṣe sọ ọ́ gan-an. Bí ẹ bá gbà á sọ, adùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ agbàsọ ní ọ̀fìn kan tí púpọ̀ nínú yín ń jìn sí. Ẹ wo ìbéèrè tí ìyá kọ́kọ́ bi ọmọ rẹ̀. Ẹ lè fẹ́ kọ ọ́ báyìí: ó bi í bóyá ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ta ni "òun" yẹn? Ìyá tó ń béèrè ni, tàbí Àlàbí tó yẹ kí ó sọ fún ọ̀gá? Méjèèjì ni gbólóhùn náà gbà. "Òun" máa ń tọ́ka sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ó sì ṣe kedere bí ẹnì kan ṣoṣo bá ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ó máa ń da òǹkàwé rú. Níbi tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe bá a jìjàkadì. Ẹ dá ọ̀rọ̀ náà padà sí ẹnu ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ fi àmì àyọlò sí i.

3. Ẹ má ṣe jẹ́ kí atọ́ka ọ̀rọ̀ tú àṣírí.

"Ó ní," "ó dáhùn," "ó bi í" ni mo ń pè ní atọ́ka ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó sọ ẹni tó sọ̀rọ̀, kí ó sì kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Àlàbí "fi ẹ̀tàn dáhùn", tàbí pé ó dáhùn "tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù", ti ba ìran jẹ́, nítorí ó ti sọ fún òǹkàwé ohun tí ìyá kò tíì mọ̀. "Ó ní" lásán ló yẹ irọ́ Àlàbí. Mo tún fẹ́ kí ẹ máa fi atọ́ka síwájú ọ̀rọ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, bí àwọn àgbà ṣe ń pàlọ́: "Ìjàpá ní, ..." Etí wa ti mọ ẹni tó ń bọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ẹ ò sì nílò rẹ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Nínú ìran yìí, "mà" àti "ẹ" ń bọ̀ láti ẹnu ọmọ, "o" ń bọ̀ láti ẹnu ìyá. Bí òǹkàwé bá ti mọ̀ pé méjì ni wọ́n, ọ̀wọ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà yóò sọ ẹni tó ń sọ ọ́ fún un. Ẹ fún ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ tirẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́.

4. Ẹ tún ìtọ́sọ́nà orí ìtàgé rò.

Ohun tó wà nínú àkámọ́, òṣèré àti oníná ni a kọ ọ́ fún. "Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn" ti tó fún òṣèré, nítorí ojú rẹ̀ ni yóò ṣe ìyókù. Òǹkàwé kò rí ojú kankan. Ẹ gbọ́dọ̀ wá ohun kan fún un láti rí, ẹ sì ní àǹfààní tí eré kò ní: ẹni tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kò lè rí èékánná òṣèré láéláé, ṣùgbọ́n òǹkàwé lè rí i. Bí ìran náà ṣe rí lọ́wọ́ mi nìyí:

Iná ò sí ní Ìgàndó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá Àlàbí fa àtùpà mọ́ra, ó ń ka owó tó ti ń kó jọ sínú agolo mílíìkì. Ó kà á dé ìdajì nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé, tí ó sì kí i. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Káàbọ̀. Ṣé o sọ fún ọ̀gá rẹ pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé?"

Ilẹ̀ ni Àlàbí ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo sọ fún un, mà."

"Kí ni ó wí?"

"Ó ní kí ẹ má wulẹ̀ wá."

Ọwọ́ ìyá dúró lórí owó. "Kí n má wá síbi fìrídọ̀ọ̀mù ọmọ mi?"

"Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù telà yẹn mọ́ láti ìgbà òjò, mà."

Iná dé. Gbogbo àdúgbò hó yèè, àwọn ọmọdé ń pariwo, "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Nínú ìmọ́lẹ̀ náà ni ìyá ti rí èékánná ọmọ rẹ̀. Dúdú ni gbogbo wọn, ọ́ìlì mọ́tò ti wọ̀ wọ́n lára.

Ẹ rí i pé n kò sọ ibi tí Àlàbí ń lọ láti ìgbà òjò. Èékánná ti sọ ọ́. Ẹ sì rí i pé iná tó dé, tí ó jẹ́ iṣẹ́ oníná lórí ìtàgé, ti di ohun tó ń la ìyá lójú nínú ìtàn. Ìtọ́sọ́nà tí kò bá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ṣe, ẹ yọ ọ́ kúrò.

5. Ẹ ka òǹkọ̀wé tó ṣe méjèèjì.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ó sì kọ ìtàn àròsọ Ó Le Kú, tó jáde ní 1974. Ẹ gbé ìwé méjèèjì sílẹ̀ pọ̀. Ẹ wá ibi tí ènìyàn méjì ti ń jà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ohun tí ọwọ́ kan náà fi sílẹ̀ fún òṣèré àti ohun tó fi sílẹ̀ fún asọ̀tàn.

6. Ẹ ṣọ́ra fún ọjà.

Ohun tí mo sọ nípa "mà" àti "o" kò ṣiṣẹ́ bí ẹnu bá ti ju méjì lọ, pàápàá láàárín ẹgbẹ́. Ìyá mẹ́rin tó ń jà lórí ìsọ̀ kan ní ọjà Ìkòtún, "o" ni wọn yóò máa pe ara wọn. Níbẹ̀, ẹ dá atọ́ka padà, kí ẹ sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun kan lọ́wọ́: aláta ń fi ìgbakọ lu ọpọ́n, ẹlẹ́ja kò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i pé mẹ́rin pọ̀ ju ohun tí ìran náà lè gbé lọ, ẹ sọ wọ́n di méjì, kí ẹ jẹ́ kí àwọn méjì yòókù máa kùn lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ agbàsọ.