ÌWÉ ÀYẸ̀WÒ IBÀ: KÍ NI NỌ́ŃBÀ INÚ RẸ̀ Ń SỌ?

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lé orí ìwé pélébé kan tí ọ̀pọ̀ wa ti gbà rí ní ilé ìwòsàn, tí a ká sápò láìmọ ohun tí ó wí: ìwé àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà. Ẹni tí kò lè ka ìwé yìí lè fi owó ra oògùn tí kò yẹ kí ó rà. Èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ ni pé ó lè máa tọ́jú ibà nígbà tí àìsàn mìíràn ń ba ọmọ rẹ̀ jà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn kan ṣe àpẹẹrẹ. A óò pe obìnrin inú rẹ̀ ní Màmá Sàídù, tí ó ń ta gààrí. Ara Sàídù, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin, gbóná fún ọjọ́ méjì, kò jẹun, ó sì bì lẹ́ẹ̀kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, màmá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó ṣe àyẹ̀wò kíákíá, ó ní ibà ni. Ó tún fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tí ìwé dé, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 24,800. Ẹ̀rù ba Màmá Sàídù. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, Bàbá Kúdí aládùúgbò wa gba tiwọn lọ́sẹ̀ tó kọjá, 900 péré ni, wọn ò sì lè dìde. Ṣé ọmọ mi máa yè báyìí?"

Kí a tó dá a lóhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí àyẹ̀wò méjèèjì ń wá.

Àyẹ̀wò kíákíá

Àyẹ̀wò kíákíá kì í rí kòkòrò ibà fúnra rẹ̀. Ohun tí kòkòrò náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń wá. Irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ń wá púrótéènì kan tí kòkòrò ibà tí ó léwu jù, tí wọ́n ń pè ní fasipárọ́ọ̀mù, máa ń ṣe. A lè fi í wé ẹni tí ó gbọ́ òórùn ẹran nínú ilé. Ó mọ̀ pé ẹran wà níbẹ̀ tàbí pé ó ti wà níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kò lè sọ iye ègé rẹ̀.

Wọn a kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sí ojú ihò kan lára páálí àyẹ̀wò, wọn a kán omi rẹ̀ sí ihò kejì, wọn a sì dúró fún iye ìṣẹ́jú tí a kọ sára páálí náà. Ìṣẹ́jú 15 tàbí 20 ni ó sábà máa ń jẹ́. Ìlà tí ó wà níwájú lẹ́tà C gbọ́dọ̀ yọ. Bí kò bá yọ, àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú òmíràn. Bí ìlà kejì bá yọ níwájú lẹ́tà T, ìbáà ṣe fẹ́ẹ́rẹ́, ibà wà níbẹ̀. Ìlà tí ó dúdú kirikiri kò ní kí ibà náà pọ̀ ju ti ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Bí a bá sì ka páálí náà lẹ́yìn àkókò rẹ̀, ó lè tan ènìyàn jẹ.

Ẹ̀jẹ̀ orí gíláàsì

Ní yàrá àyẹ̀wò, òṣìṣẹ́ a kán ẹ̀jẹ̀ sí orí gíláàsì pélébé. Ó ń ṣe é lọ́nà méjì: ọ̀kan tí ó nípọn, láti fi wá kòkòrò àti láti kà á, àti ọ̀kan tí a fà tẹ́ẹ́rẹ́, láti fi mọ irú kòkòrò tí ó jẹ́. Ó ń fi aró tí a ń pè ní Gíímsà kùn ún, lẹ́yìn náà ni ó wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ojú ara rẹ̀ ni ó fi ń rí kòkòrò, nítorí náà ni ó fi lè kà wọ́n.

Báwo ni ó ṣe ń kà á? Kò lè ka gbogbo ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun àti kòkòrò ibà papọ̀, bí ẹni tí ó ń ka àgùntàn àti ewúrẹ́ tí wọ́n jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun bá pé 200, ó wo iye kòkòrò tí ó ti kà. Bí kòkòrò náà bá pé 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dúró. Bí kò bá pé 100, ó ń kà á lọ títí sẹ́ẹ̀lì funfun yóò fi pé 500, kí ìṣirò náà lè dúró dáadáa. Wọ́n gbà pé sẹ́ẹ̀lì funfun 8,000 ni ó wà nínú maikirolítà ẹ̀jẹ̀ kan. Maikirolítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù lítà kan, ó kéré gan-an ju ẹ̀kán kan lọ. Ìṣirò náà nìyí:

kòkòrò tí a kà × 8,000 ÷ sẹ́ẹ̀lì funfun tí a kà

Kòkòrò 620 ni wọ́n kà pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì funfun 200 nínú ẹ̀jẹ̀ Sàídù. 620 × 8,000 ÷ 200 jẹ́ 24,800. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà náà ti wá.

Ẹ kíyè sí i pé ìdíwọ̀n ni 8,000 yìí. Bí sẹ́ẹ̀lì funfun ọmọ bá jẹ́ 16,000 ní tòótọ́, kòkòrò rẹ̀ yóò jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tí a kọ. Òṣìṣẹ́ méjì sì lè ka gíláàsì kan náà kí ọ̀kan kọ 24,800, kí èkejì kọ 22,000, kí àwọn méjèèjì má ṣì í. Nítorí náà, ẹ má ṣe jà lórí ìyàtọ̀ kékeré. Ìyàtọ̀ ńlá ni kí ẹ wò.

Àwọn yàrá àyẹ̀wò mìíràn kì í kọ nọ́ńbà, àmì + ni wọ́n ń kọ. Ọ̀kan (+) túmọ̀ sí pé kòkòrò 1 sí 10 péré ni wọ́n rí lẹ́yìn tí wọ́n wo ojú ibi 100 lórí gíláàsì. Mẹ́rin (++++) túmọ̀ sí pé wọ́n rí ju 10 lọ ní ojú ibi kan ṣoṣo. Àmì yìí fẹjú jù láti fi mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ nọ́ńbà fún yín.

Ohun tí nọ́ńbà lè sọ àti èyí tí kò lè sọ

Nọ́ọ̀sì dá Màmá Sàídù lóhùn pé, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa 1,000 lára ọmọ yín, bíi 5 péré ni kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ìgbà tí ó bá ju 40 lọ nínú 1,000, ìyẹn bíi 200,000 lórí ìwé, ni a máa ń sọ pé nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ti di ewu. Bí ó bá sì ju 100 lọ nínú 1,000, ibà líle ni, kódà bí aláìsàn bá ṣì ń sọ̀rọ̀."

Kí ló dé tí Bàbá Kúdí kò fi lè dìde pẹ̀lú 900? Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ méjì. Àkọ́kọ́ ni pé, sẹ́ẹ̀lì pupa tí kòkòrò inú rẹ̀ ti dàgbà máa ń lẹ̀ mọ́ ara àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín nínú ọpọlọ àti nínú àwọn ẹ̀yà ara mìíràn. Àwọn wọ̀nyí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ orí ìka, nítorí náà nọ́ńbà kékeré lè bo ewu ńlá mọ́lẹ̀. Ìkejì ni pé, àgbàlagbà tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré lè gbé kòkòrò ọgọ́rùn-ún mélòó kan kiri láìsí ibà kankan. Nígbà tí irú wọn bá wá ń ṣàìsàn gidi, wọn yóò lo oògùn ibà, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ tún wá nǹkan mìíràn.

Nítorí náà, ojú aláìsàn ni kí a kọ́kọ́ wò kí a tó wo ìwé. Bí gìrì bá mú ọmọ, bí kò bá lè mu omi tàbí ọmú, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí ó bá ń sùn tí kò ṣeé jí, bí ó bá ń mí gúlegúle, bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá funfun, tàbí bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn, ìbáà jẹ́ 500 ni wọ́n kọ. Ní ti aláboyún, kòkòrò lè fara pamọ́ sínú ibi ọmọ, kí gíláàsì má rí nǹkan kan.

Ibi tí nọ́ńbà ti wúlò jùlọ

Wọ́n fún Sàídù ní oògùn alápapọ̀ tí a ń lò lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú oúnjẹ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n tún wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kòkòrò kò pé 100, nítorí náà wọ́n kà á dé sẹ́ẹ̀lì funfun 500, wọ́n rí kòkòrò 210. 210 × 8,000 ÷ 500 jẹ́ 3,360. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n wo ojú ibi 100, wọn kò rí ọ̀kan. Láti 24,800 sí 3,360 sí òfo: oògùn ti ṣiṣẹ́. Ká ní kòkòrò ṣì wà níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni, nọ́ọ̀sì ìbá béèrè bóyá ọmọ bi oògùn náà, tàbí bóyá oògùn náà kì í ṣe ojúlówó.

Lẹ́yìn ọjọ́ 15, ara Sàídù tún gbóná, ikọ́ sì bá a. Màmá rẹ̀ sáré lọ sí ilé olóògùn kan. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò kíákíá, ìlà méjì yọ. Olóògùn ní, "Ibà náà kò tíì lọ. Ẹ ra èyí tí ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ." Owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, ó sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Gíláàsì kò rí kòkòrò kankan. Púrótéènì tí àyẹ̀wò kíákíá ń wá lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Òórùn ẹran kù nínú ìkòkò, ẹran ti tán. Nọ́ọ̀sì ṣí aṣọ ọmọ, ó ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko: ó jẹ́ 52. Fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún tí ó ń wúkọ́, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti yára jù. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni, oògùn tirẹ̀ sì yàtọ̀. Ká ní ó ra ti olóògùn ni, ọjọ́ mẹ́ta ìbá ti ṣòfò lórí ibà tí kò sí.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ nìyí. Fún ibà tuntun, àyẹ̀wò kíákíá tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Fún ẹni tí ó lo oògùn ibà láàárín oṣù kan sẹ́yìn, gíláàsì ni kí ẹ béèrè. Ẹ sì tọ́jú ìwé àkọ́kọ́, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n méjì tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè sọ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè fún ìpàdé ẹgbẹ́

1. Òṣìṣẹ́ ka kòkòrò 150 pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì funfun 200. Kí ni nọ́ńbà tí yóò kọ? (Ìdáhùn: 6,000.)
2. Ìlà T yọ, ṣùgbọ́n ìlà C kò yọ. Kí ni kí a ṣe?
3. Ọmọ kan ní 1,200 lórí ìwé, ṣùgbọ́n gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé a lè gbé e lọ sílé?