Lẹ́tà Ẹ̀sùn Lórí Ẹrù Tó Pẹ́: Ìmọ̀ràn fún Akọ̀wé àti Atúmọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń bá èèyàn kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ òkèèrè, tí ẹ sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè àwọn tí yóò kà á, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí kò rí èsì rere gbà ló ti bàjẹ́ láti inú Gẹ̀ẹ́sì kí atúmọ̀ tó fọwọ́ kàn án. Atúmọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti tún ẹjọ́ oníbàárà rò fún un; ohun tó bá nílẹ̀ ni yóò gbé lọ. Nítorí náà, nígbà tí ìwé ṣì wà ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ ti là á gún régé.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀ràn kan wò. Ìyá oníṣòwò kan wọ ọkọ̀ òfurufú láti Èkó lọ sí Parísì fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ kò bá a dé, bẹ́ẹ̀ sì ni inú rẹ̀ ni aṣọ òkè tó fẹ́ wọ̀ wà. Ìyá náà gbọ́n. Kò kúrò ní pápákọ̀ òfurufú títí wọ́n fi kọ ìwé ìjábọ̀ ẹrù fún un ní káńtà, èyí tí wọ́n ń pè ní PIR. Ó ra aṣọ, bàtà àti ohun ìwẹ̀, ó sì tọ́jú rìsíìtì wọn. Ní ọjọ́ 10, wọ́n gbé àpótí náà wá fún un, kò sì sí ohun tó yingin nínú rẹ̀. Nígbà tó padà sí Èkó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà, ó sì ní kí a bá òun yí i sí Faransé, torí Faransé ni wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì tó ń gba ẹ̀sùn.

Ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà náà ni pé ilé-iṣẹ́ yín sọ ẹrù mi nù. Bó ṣe dùn ún ló ṣe kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìlà yẹn máa ṣe lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó bá kà á. Yóò tẹ nọ́ńbà PIR sínú kọ̀ǹpútà, yóò rí i pé wọ́n ti fi àpótí náà jíṣẹ́ ní ọjọ́ 10. Ẹ̀sùn ẹrù tó sọnù ló wà níwájú rẹ̀, ẹrù ọ̀hún sì ti dé ọwọ́ olówó rẹ̀. Ó lè ti fáìlì náà pa láìka dé ojú ewé kejì, níbi tí ọ̀rọ̀ aṣọ tó rà wà.

Àdéhùn Mọntiríọ́ọ̀lù ti ọdún 1999 ló ń darí ọ̀ràn yìí. Nàìjíríà àti Faransé wà nínú rẹ̀, Òfin Ìrìnnà Òfurufú ti ọdún 2022 sì fi í sínú òfin tiwa. Ẹrù tó bàjẹ́, ẹrù tó pẹ́ àti ẹrù tó sọnù kì í ṣe ẹ̀sùn kan náà lábẹ́ àdéhùn yìí. Bí ẹrù bá bàjẹ́, ọjọ́ 7 péré ni ẹni tó ni ín ní láti fi kọ̀wé, láti ọjọ́ tó gbà á. Bó bá pẹ́, ọjọ́ 21 ni, láti ọjọ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ẹrù tí kò bá dé lẹ́yìn ọjọ́ 21 sí ọjọ́ tó yẹ kó ti dé ni a lè pè ní èyí tó sọnù. Ẹrù tó pẹ́ ni ti ìyá yìí, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún sì ni gbèdéke rẹ̀. PIR tó gbà ní pápákọ̀ òfurufú jẹ́ ẹ̀rí pé ó sọ fún wọn; ẹ má fi rọ́pò lẹ́tà ẹ̀sùn fúnra rẹ̀.

Nígbà tí a tún Gẹ̀ẹ́sì náà kọ, ojú ewé mẹ́ta di èyí tí kò kún ojú ewé kan. Ìlà àkọ́kọ́ wá sọ pé ẹ̀sùn lórí ẹrù tó pẹ́ ni èyí. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà PIR àti nọ́ńbà tó wà lára táàgì ẹrù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọjọ́ tó gúnlẹ̀ àti ọjọ́ tí àpótí dé. A kọ orúkọ oṣù sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀, torí ẹlòmíràn lè ka 06/05 sí ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà. A wá to ohun tó rà: aṣọ 145 yúrò, bàtà 58 yúrò, ohun ìwẹ̀ 21.50 yúrò, àpapọ̀ rẹ̀ 224.50 yúrò. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni pé kí wọ́n san iye yìí padà.

Ìyá náà béèrè pé ṣé a ò ní kọ ìtìjú tó bá òun lójú àna. A fi gbólóhùn kan ṣoṣo sí i pé ọjọ́ ìgbéyàwó bọ́ sí àárín ọjọ́ tí ẹrù kò tíì dé, nítorí ìyẹn ló ṣàlàyé ìdí tó fi ra aṣọ olówó iyebíye. Ìyókù, a yọ ọ́. Àdéhùn náà fi òpin sí ohun tí wọ́n lè san lórí ẹrù, ó jẹ́ 1,519 nínú ẹyọ ìṣirò Àjọ Owó Àgbáyé láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024. Àwọn kan ń kọ iye yẹn sínú lẹ́tà bí ẹni pé owó tí a ń pín ni. Òkè tí owó kò gbọdọ̀ kọjá ni; rìsíìtì ló ń sọ iye tó tọ́ sí èèyàn.

Ó wá ku ìtumọ̀. Ibi tí mo ti ń rí i tí ọ̀dọ́ atúmọ̀ ń ṣubú jù nìyí: Faransé ní ọ̀rọ̀ kan tó jọ ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìpẹ́, ṣùgbọ́n gbèdéke àkókò ló túmọ̀ sí. Bí ẹ bá fi í sí àkòrí, ẹ̀sùn yín ti di ọ̀rọ̀ nípa gbèdéke. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń lò lórí fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn rẹ̀, kí ẹ lo òun gan-an. Ẹ má fọwọ́ kan àwọn nọ́ńbà. Inú ìwé ni kí ẹ ti dà wọ́n kọ, torí lẹ́tà O àti òdo jọra. Orúkọ arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ rí bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, láìsí àmì ohùn bí kò bá sí níbẹ̀. Ní ti owó, kọ́mà ni Faransé ń lò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi àmì ìdánudúró sí, nítorí náà 224,50 ni yóò jẹ́. Ìdágbére ìparí lẹ́tà Faransé gùn, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ lo tiwọn, ẹ má yí ti Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹlòmíràn tó gbọ́ Faransé, tí kò tíì rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kí ó kà á. Ẹ bi í léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹrù, ọjọ́ wo ló dé, èló ni wọ́n ń béèrè. Bí ó bá ní ẹrù sọnù, ẹ padà sídìí iṣẹ́. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá pé, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì náà àti ẹ̀dà àwọn rìsíìtì mọ́ ọn láìtúmọ̀ wọn, kí ẹ sì pa ojúlówó wọn mọ́.

Ọjọ́ tí ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ ni àdéhùn náà ń kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀rí ọjọ́ náà, yálà ìwé ilé ìfìwéránṣẹ́ tàbí ímeèlì tó jẹ́rìí pé wọ́n ti gbà á. Bí wọ́n bá kọ̀ láti san án, ọdún 2 ni oníbàárà yín ní láti fi pè wọ́n lẹ́jọ́, ẹ̀rí yẹn sì ni agbẹjọ́rò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ béèrè.