Ẹ̀kọ́ Lórí Àgbàrá Òjò Nínú Ọgbà Ilé-Ìwé



Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí, àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ilé-ìwé girama ni mo kọ́ ní i nígbà tí mo lọ ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ọgbà tí a lò kò ju igun kan lẹ́yìn kíláàsì lọ. Ète rẹ̀ ni kí ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ń gbé erùpẹ̀ lọ, kí ó sì lè wọ̀n ọ́n.

Òwe tí gbogbo wọn mọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, pé àgbàrá kò ní òun kò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Mo bi wọ́n pé, “Ta ni onílé nínú oko?” Wọn kò rí i dáhùn. Mo jẹ́ kí ìbéèrè náà wà bẹ́ẹ̀, a sì jáde.

A wá ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, tí ó fi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ sílẹ̀ láàrin mítà 2. A ro ó, a sì pín in sí mẹ́ta. Ìpín kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 2, ó sì fẹ̀ ní mítà 1. A ri páànù mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn kí omi ọ̀kan má baà ṣàn wọ èkejì, a sì fi ọparun tí a là darí omi ìsàlẹ̀ wọn sínú abọ́. Ìpín kìíní wà ní ìhòòhò. A fi koríko gbígbẹ kílógíráàmù 1 bo ìkejì. Èyí jẹ́ tọ́ọ̀nù 5 lórí hẹ́kítà kan. Ní ìkẹta, a kọ ebè mẹ́ta dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà.

Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ fi omi rin ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ a máa mu omi ju ilẹ̀ tútù lọ, ìdánwò náà yóò sì di èké. Agolo tí a fi ìṣó lu ní ihò wẹ́wẹ́ ni òjò wa. Ọmọ tí ó gbé e dúró lórí àga, nítorí bí omi bá ti ìsàlẹ̀ wá, kò ní agbára láti ta erùpẹ̀. Líta omi 20 ni a dà sí ìpín kọ̀ọ̀kan láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún.

A ti na ìwé funfun sí ẹ̀gbẹ́ ìpín kìíní. Níhìn-ín ni kí olùkọ́ má ṣe kánjú. Kí omi kankan tó ṣàn rárá ni ẹrẹ̀ ti ta sí ìwé náà káàkiri. Ẹ̀kán omi ni ó kọ́kọ́ ń fọ́ ògúlùtu; lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a wá dí ojú ihò ilẹ̀, omi kò rí ibi wọ̀, ó sì di àgbàrá. Ìdí nìyí tí koríko fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀: òun ni ó ń gba ìlù náà fún ilẹ̀.

Ìpín kẹta dójú tì mí. Mo ti sọ fún wọn pé ebè yóò dá omi dúró, ṣùgbọ́n omi kó jọ síbi tí ebè òkè ti rẹlẹ̀ díẹ̀, ó já a, ó sì já méjì yòókù pẹ̀lú. Ebè tí kò tẹ́jú rẹ́gí léwu ju àìkọ ebè lọ, nítorí ojú kan ṣoṣo ni gbogbo omi rẹ̀ ń gbà jáde. A fi igi ṣe ẹsẹ̀ méjì tí ó pàdé lókè, a fi ọ̀pá dábùú wọn, a sì so okùn olókùúta rọ̀ láti òkè. A sàmì síbi tí okùn kan ọ̀pá, a pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì, a tún sàmì. Níbi tí okùn bá ti dúró sí agbedeméjì àmì méjèèjì, ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ náà wà dọ́gba. Òun ni a fi tún ebè náà kọ.

Ní ọjọ́ kejì, a da omi tí ó ti tòrò nù, a sá ẹrẹ̀ sóòrùn, a sì wọ̀n ọ́n. Ìpín ìhòòhò fún wa ní gíráàmù 200, ti koríko 15, ti ebè tí ó já 260; nígbà tí a tún un kọ tí a sì tún òjò rọ̀ sí i, ó di 40. Mo ní kí wọ́n ṣírò ti àkọ́kọ́. Gíráàmù 200 lórí mítà onígun 2 jẹ́ 100 lórí ọ̀kan; hẹ́kítà kan sì jẹ́ 10,000 irú rẹ̀, nítorí náà tọ́ọ̀nù 1 ni. Síbẹ̀ bí a bá tẹ́ tọ́ọ̀nù kan sórí hẹ́kítà, kò nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan. Ọmọkùnrin kan ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi kò lè rí i nìyẹn.” Òótọ́ ni ó sọ.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé iye yìí lọ sí oko ẹlòmíràn, nítorí òjò agolo kì í ṣe òjò ọ̀run, ilẹ̀ sì yàtọ̀ síra. Koríko náà ní ẹ̀bi tirẹ̀: bí ó bá ti so èso, èpò ni a gbìn, ó sì máa ń fa ikán. Ṣùgbọ́n àmì kan wà tí ojú lásán lè rí. Mo kó wọn lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà lẹ́yìn òjò ńlá kan, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo àwọn òkúta wẹ́wẹ́. Òkúta kọ̀ọ̀kan dúró lórí orí erùpẹ̀ kékeré tí ó dáàbò bò, bí ẹni dúró lórí àga, gbogbo àyíká rẹ̀ sì ti lọ. Gíga àga náà ni ìwọ̀n ohun tí ó ti lọ. A fi rúlà wọ̀n mẹ́wàá nínú wọn kí agogo tó lù.