Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Ni Wọ́n Fún Mi Láti Fi Àlejò Hàn, Ọ̀rọ̀ Mi Sì Ju Bẹ́ẹ̀ Lọ

*Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa ní Ẹ̀jìgbò fẹ́ ṣe àpérò kan, èmi ni wọ́n sì ní kí n fi olùbánisọ̀rọ̀ hàn fún àwùjọ. Ọmọ ìlú wa tó ń ṣòwò ní Àbíjàn ni. Ohun tó fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ni bó ṣe yẹ kí èèyàn múra sílẹ̀ kó tó wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Rédíò yóò máa gbé ètò náà sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi, wọ́n ní àwọn ò ní fi kún un. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀ jẹ́ ẹyọ 500. Nígbà tí mo kà á sínú fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá 10 ló gbà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣáà máa yára kà á. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? Mo fi ìwé náà àti ohùn tí mo gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. — Ọmọ Ẹ̀jìgbò.*

Ẹ má ṣe tẹ̀lé ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín yẹn rárá. Mo ti gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́, kíkà rẹ̀ sì dára: ẹyọ ọ̀rọ̀ 500 ní ìṣẹ́jú àáyá 250, ìyẹn ni pé ẹ ń ka ẹyọ méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 120 ní ìṣẹ́jú kan. Kíkà tí àgbàlagbà tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn lè gbọ́ nìyẹn. Yorùbá tí wọ́n bá fi eré kà máa ń sọ àmì ohùn nù. Ìlú yóò di ìlù, orúkọ èèyàn yóò di orúkọ ẹlòmíràn, gbohùngbohùn inú gbọ̀ngàn yóò sì tún máa da ọ̀rọ̀ tó ti kọjá rú mọ́ èyí tó ń bọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ yín lórí rédíò kò rí ẹnu yín, kò rí ọwọ́ yín, ohùn nìkan ló ní. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ gé, ẹ fi kíkà yín sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye tí ẹ máa gé. Ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 180, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó fi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí atọ́kùn ètò bá ti pe orúkọ yín ni aago ti ń lọ. Ẹ ó rìn dé ìdí máìkì. Tí Kábíyèsí bá wà níjókòó, ẹ ó dọ̀bálẹ̀, ẹ ó dìde, ẹ ó tún agbádá ṣe, ẹ ó mí. Àwọn èèyàn yóò pàtẹ́wọ́, onílù á sì ta ohùn kan tàbí méjì sí i. Ìdíje kan wà tí Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà dá sílẹ̀ ní 2008, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Òfin wọn ni pé aago bẹ̀rẹ̀ bí olùdíje bá ti fi ara tàbí ẹnu bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ti jáde nínú ìdíje. Ẹ fi ojú yẹn wo tiyín. Ẹ yọ ìṣẹ́jú àáyá 30 sílẹ̀ fún ìrìn, ìdọ̀bálẹ̀ àti àtẹ́wọ́. Ó ku 150. Ní kíkà tiyín, ẹyọ ọ̀rọ̀ 300 nìyẹn. Igba ẹyọ gbọ́dọ̀ lọ. Ká ní ẹ gba ti ọ̀rẹ́ yín, 200 ẹyọ ni ẹ ó máa kà ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á máa fá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kúrò níbi gbogbo, ẹyọ kan níhìn-ín, ẹyọ kan lọ́hùn-ún. Wọ́n á ṣe é títí, ìṣẹ́jú mẹ́rin kò ní kúrò ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbọ́ ohùn yín pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mo sì ń kọ àkókò tí ìpín kọ̀ọ̀kan parí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ó ṣe hàn lójú fóònù. Ìkíni gba ìṣẹ́jú àáyá 70. Ìbí àti ilé ẹ̀kọ́ gba 65. Iṣẹ́ rẹ̀ ní Àbíjàn gba 60. Oyè àti ìgbìmọ̀ gba 40. Ìpè sórí pèpéle gba 15. Ẹ wò ó dáadáa: ìkíni ló gba àkókò jù, iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè é wá sì wà ní ipò kẹta. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ gba Kútọnu, Lòmé àti Àkrà dé Àbíjàn, kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa ọkùnrin yìí? Ohun tó mọ̀ nípa ọ̀nà náà, iṣẹ́ tó kọ́ níbẹ̀, bó ṣe kọ́ Faransé. Ibẹ̀ kọ́ ni ẹ ti máa gé. Àní, ẹ fi kún un.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló máa le jù fún yín láti gé, nítorí ẹ̀rù àti fo orúkọ àgbà kan ń bà yín. Nínú ìwé yín, ẹ kí Kábíyèsí, ẹ kí ìjòyè, ẹ kí Lẹ́mọ́ọ̀mù àti àwọn àlùfáà, ẹ kí alága káńsù, ẹ kí Ìyálọ́jà, ẹ kí àwọn àgbà láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn àti Ìláwọ̀, ẹ wá tún kí àwọn ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jù wọ́n nù, ẹ gbé wọn lé ẹni tó ni iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Ẹ lọ bá atọ́kùn ètò kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ rí i dájú pé òun ni yóò kí wọn ní ipò-ipò níbẹ̀rẹ̀ ètò, ẹ sì fi tó alága ìgbìmọ̀ létí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọmọdé ló ṣe àfojúdi. Nígbà náà, ohun tó kù fún yín kò ju èyí lọ: «Kábíyèsí, Ògìyán ti Ẹ̀jìgbò, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin àgbà wa gbogbo, mo kí yín ní ipò yín.» Pẹ̀lú ìdánudúró tó yẹ adé, kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ. Àádọ́ta ìṣẹ́jú àáyá ti padà sọ́wọ́ yín.

Ìbí àti ilé ẹ̀kọ́ ló kàn. Gbólóhùn tí ẹ kọ nìyí: «Àlejò wa pàtàkì ọjọ́ òní, ọkùnrin takuntakun, akíkanjú, akọni tí kì í wẹ̀yìn, ni wọ́n bí ní ọdún 1978 sí ìlú Ẹ̀jìgbò, ibẹ̀ náà ló ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, tó sì jáde ní ọdún 1996.» Ẹyọ 46 ni. Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀: «Ẹ̀jìgbò ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti kàwé, kó tó wọkọ̀ lọ sí Àbíjàn.» Ẹyọ 17. Kí ló lọ? Ọ̀rọ̀ ìyìn mẹ́ta tó ń sọ ohun kan náà, ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ò ní rántí kó tó dé ilé, àti ilé ẹ̀kọ́ tó ti wà nínú ìwé ètò tí wọ́n ti pín. Ẹ kíyè sí ọdún wọ̀nyẹn. Lórí ìwé, ẹyọ kan ni 1978. Lẹ́nu, yálà ẹ pè é ní naintíìn sẹ́fíntì-éètì tàbí ẹgbàá ó dín méjìlélógún, ó gùn ju ẹyọ kan lọ dáadáa. Nítorí náà, ìwé tó kún fún ọdún àti iye owó máa ń tan ẹni tó ń ka ẹyọ ọ̀rọ̀ jẹ. Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ni kí ẹ gbàgbọ́.

Oyè àti ìgbìmọ̀ mẹ́sàn-án tí ẹ tò, ẹ mú èyí tó bá ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà mu jù, kó má ju méjì lọ, ẹ fún un ní 20. Bí oríkì bá wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Onílù wà níbẹ̀, òun ló mọ̀ ọ́n kì. Tí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ìkíni jẹ́ 20, ìbí àti ẹ̀kọ́ 15, Àbíjàn 75, oyè 20, ìpè 15. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 145. Ẹ ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láti fi mí. Orúkọ àlejò ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lẹ́nu yín, torí níbẹ̀ ni àtẹ́wọ́ máa bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku kí ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, bó ti yẹ. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ pé ẹ jókòó ni, ohùn yín sì rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Lójú àwùjọ, ohùn máa ń ga, ìdánudúró sì máa ń gùn. Ẹ dìde dúró, ẹ wọ aṣọ tí ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ gbé fóònù sórí tábìlì ní ìwọ̀n apá kan sí yín. Ẹ tan "Airplane mode" kí ìpè má baà já yín lẹ́nu. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá ni kí ẹ ti rìn wá, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ ní tòótọ́, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nílẹ̀ kì í ní èémí tó pé, gbólóhùn àkọ́kọ́ sì ni yóò bà jẹ́. Ẹ kà á dé òpin láì dúró, bí ẹ tiẹ̀ ṣì í sọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbọ́ ọ. Ibi tí ẹ ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn ni ó gùn jù, ẹ là á sí méjì. Tí ẹ bá gbà á lẹ́ẹ̀mẹta tí ìyàtọ̀ àárín wọn ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, kíkà yín ò tíì dúró. Ẹ má tíì gé nǹkan kan mọ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dúró ná.

Ìwé tí ẹ máa gbé lọ, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kó má kọjá ojú ìwé kan. Ẹ kọ 1:00 àti 2:00 sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ ti dé nígbà náà, kí ẹ sì fi ìlà yí ìpín oyè ká. Tí onílù bá pẹ́ lẹ́nu ìlù, tí aago sì ti kọjá 2:00 kí ẹ tó dé àmì yẹn, ẹ fo ohun tó wà nínú ìlà, ẹ bọ́ sórí ìpè. Ẹ gba èyí náà sílẹ̀ nílé, pẹ̀lú fífò yẹn, kó má jẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Bí inú atọ́kùn ètò bá dùn lọ́jọ́ náà, tó ní kí ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún un, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má sì gbà á. Àlejò tó ti Àbíjàn wá ni kí ẹ fi í sílẹ̀ fún.