Ta ló di ojú ewé àtijọ́ mú?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, nígbàkigbà tí mo bá yí fóònù sí ìbú, ṣe ni áàpù mi ń gba àyè sí i. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Bí ẹ bá yí fóònù, Android máa ń pa Activity tó wà lójú, á sì dá tuntun. Ó jọ pé nǹkan kan kò jẹ́ kí èyí tó kú lọ.

Ẹ ṣí Profiler nínú Android Studio. Ẹ yí fóònù nígbà márùn-ún, ẹ tẹ àmì agolo ìdọ̀tí, kí ẹ tó ya Heap Dump. Ẹ wá MainActivity: ẹyọ kan ló yẹ kó kù. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ tẹ ọ̀kan, kí ẹ ṣí References, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé ẹni tó dì í mú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí kì í kú títí áàpù yóò fi parí ni ẹ máa bá níbẹ̀, tó ń kó olùgbọ́ jọ láìyọ wọ́n, tàbí tó fi Context pamọ́. Ti Context rọrùn:

```kotlin
Cache(context.applicationContext)
```

Ṣùgbọ́n ẹ má fi applicationContext ṣí AlertDialog o. Áàpù yóò kú lójú ẹsẹ̀.